Kí la máa kọ sára oògùn tí wọn ò gbọ́dọ̀ lọ̀?

Bísí (nọ́ọ̀sì): Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Wọ́n ní kí n kọ bébà kékeré tá a máa máa lẹ̀ mọ́ páálí nífẹ́dípìn rítáàdì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo kọ "Má fọ́ ọ, má lọ̀ ọ́". Ọ̀gá kan ní kò dáa, kò sì sọ ìdí. Kí lẹ̀yin ì bá kọ, kí la sì lè máa pe irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá?

Lékan: Àǹtí Bísí, ọ̀gá yín ò parọ́. Ẹ rò ó wò, bébà yẹn máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, àwọn yẹn ò sì ní fi àmì kankan sí i, ohun tó máa jáde ni "Ma fo o, ma lo o". Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí bébà lánàá, mo fi han àwọn ará ilé wa láìsọ nǹkan kan fún wọn. Ìyá mi kà á pé má fò ó, wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé kí èèyàn má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ láìlo oògùn. Àbúrò mi kà á pé má fọ̀ ọ́, ó wá ń bi mí pé ta ló máa ń fọ oògùn. Ìyàwó mi ní "má lò ó", ó ní ṣé oògùn náà ti bàjẹ́ ni. Ọmọ mi ọkùnrin ní tiẹ̀ kà á pé "máa lò ó". Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sẹ́ni tó rí lílọ̀ níbẹ̀ o!

Tá a bá tiẹ̀ fi àmì sí i, "fọ́" ò ṣe tó. Àwo ló ń fọ́, ẹyin ló ń fọ́. Ẹni tó fi ọ̀bẹ gé hóró oògùn sí méjì máa ní òun ò fọ́ nǹkan kan, òun dá a sí méjì ni. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀: ká gé e, ká lọ̀ ọ́, ká rún un lẹ́nu. Ní ti orúkọ, èmi á pè é ní oògùn arọra-yọ́.

Alàgbà Akínadé: Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ibo lẹ ti rí oògùn tí wọn kì í lọ̀? Láti ìgbà táláyé ti dáyé la ti ń gún egbò, là ń gún èèpo igi, a wá ń pè é ní àgúnmu, ẹ̀kọ gbígbóná la sì fi ń mu ún. Tó bá le, ẹ gún un kúnná. Kí ló wá ṣe oògùn òyìnbó tó fi ń ṣe fàájì?

Apòògùn Ṣadé: Bàbá, ẹ kúu déédéé ìwòyí. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa àgúnmu dáa, àmọ́ nǹkan ọ̀tọ̀ ni Bísí ń bi wá. Èèpo igi, bẹ́ ẹ gún un, bẹ́ ẹ ò gún un, èèpo igi náà ni. Nífẹ́dípìn rítáàdì ò rí bẹ́ẹ̀, torí bí wọ́n ṣe mọ hóró yẹn gan-an wà lára iṣẹ́ oògùn náà. Tí nífẹ́dípìn bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀ tán, nǹkan bíi wákàtí méjì lara fi ń kó ìdajì rẹ̀ dànù. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe ń wọlé náà ló ń jáde, èèyàn á máa lò ó ṣáá látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Wọ́n wá mọ hóró 20 mílígíráàmù lọ́nà tó fi máa ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè gbé aláìsàn láti àárọ̀ dé alẹ́, nǹkan bíi wákàtí 12. Bẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́, ẹ ti da ohun tó yẹ kó pín ara rẹ̀ káàkiri gbogbo ọ̀sán sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Ìyá Tóbi: Ah! Ẹ jẹ́ n sọ tèmi o, torí ohun tí mo ń kà yìí ló ṣẹlẹ̀ nílé wa gẹ́lẹ́. Bàbá mi ò lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ní rọpárọsẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá ń fi ìdí ṣíbí lọ oògùn wọn sínú àkàmù. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ìfúnpá wọn jẹ́ 168 lórí 96, a fún wọn ní nífẹ́dípìn yẹn. Kò tíì tó wákàtí kan tójú wọn fi ń gbóná, wọ́n ní àyà àwọn ń lù kìkì, orí ń fọ́ àwọn. Wọ́n dìde pé àwọn fẹ́ tọ̀, bí wọ́n ṣe ṣubú nìyẹn. A wọ̀n ọ́n, ó ti di 94 lórí 58. Àwa rò pé ayé ló ń ṣe wọ́n! Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, tá a tún wọ̀n ọ́n, 172. Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́, ó fẹ́ tún lọ méjì.

Apòògùn Ṣadé: Ọpẹ́ ni pé kò lọ méjì yẹn. Ìyá Tóbi, ẹ wo òǹkà yẹn dáadáa, ó ti sọ gbogbo ìtàn tán. Ó já wálẹ̀ lójijì láàárín wákàtí kan torí pé gbogbo ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún gòkè nírọ̀lẹ́ torí pé gbogbo ẹ̀ ti tán. Oògùn tí kò ṣiṣẹ́ kì í já èèyàn lulẹ̀ láàárọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ojú tó gbóná, àyà tó ń já, òòyì tó bá èèyàn dìde, ẹ tẹ́ ẹni náà gbalaja, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fún un ní òmíì tẹ́ ẹ bá rí i pé ó gòkè nírọ̀lẹ́.

Irú ẹni bíi bàbá yín, ẹ ní kí dókítà wo bóyá amlodípìn lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń lò ó, bẹ́ẹ̀ hóró lásán ni, ó ṣe é lọ̀. Kì í ṣe hóró ló ń mú un pẹ́, oògùn náà fúnra ẹ̀ ni kì í tètè jáde lára, ìdajì rẹ̀ máa ń lò ju ọgbọ̀n wákàtí lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ dókítà ló máa pààrọ̀ ẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀yin.

Délé (Lọ́ńdọ̀nù): Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Tí hóró bá ti ní ìlà láàárín, ẹ lè gé e. Tí kò bá ní ìlà, tó sì ń dán, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibi tí mo ń gbé, ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. Ìbéèrè mìíràn: mo ń lo mẹtifọ́mìn onílẹ́tà XR, oògùn àtọ̀gbẹ, mo wá ń rí nǹkan bíi hóró rírọ̀ nínú ìgbẹ́ mi. Ṣé owó mi ló ń lọ sínú ṣáláńgá ni?

Apòògùn Ṣadé: Owó yín ò lọ. Oògùn ti jáde kúrò nínú ẹ̀, òfìfo ara hóró lẹ̀ ń rí. Ẹ má tìtorí ẹ̀ fi kún un.

Ti ìlà yẹn, ìdajì òótọ́ ni. Mẹ́tóprólólì kan wà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lòun náà, tó máa ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ní ìlà láàárín, ẹ lè dá a sí méjì, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ rún un. Nítorí náà ìlà ò túmọ̀ sí pé ẹ lè lọ̀ ọ́. Dídán náà ò tó, oògùn tí wọ́n kàn fi ṣúgà bò kó má baà korò lẹ́nu náà máa ń dán. Lẹ́tà ara páálí ló ṣe é gbára lé díẹ̀, SR, XR, XL, LA, CR, MR, àti EC. Mo ní díẹ̀ torí pé páálí míì ò kọ nǹkan kan. Ẹ béèrè.

Lékan: Àǹtí Ṣadé, ẹ dárúkọ EC. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ arọra-yọ́?

Apòògùn Ṣadé: Rárá. Ìyẹn ò rọra yọ́ rárá, ṣe ló kàn ń dúró de ìgbà tiẹ̀. Ó ní ẹ̀wù tí ásíìdì inú àpòlúkù ò lè bọ́, ó di inú ìfun kó tó yọ́. Ẹ̀wù yẹn sì níṣẹ́ méjì. Lára ásípírìn 75, ó ń gba àpòlúkù lọ́wọ́ oògùn. Lára omẹprásólì, oògùn àyàta, ó ń gba oògùn lọ́wọ́ àpòlúkù, torí ásíìdì máa ba omẹprásólì jẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Ẹni tó lọ ásípírìn yẹn, oògùn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ inú ẹ̀ lè máa ta á. Ẹni tó lọ omẹprásólì ò ní mọ nǹkan kan lára, àyàta ẹ̀ ni ò ní lọ. Bisakodílì tí wọ́n fi ń ṣu náà nìyẹn, wọ́n ní kẹ́ ẹ má fi mílíìkì mu ún, torí mílíìkì máa ń tètè bọ́ ẹ̀wù yẹn, inú á wá máa lọ́ èèyàn.

Lékan: Orúkọ méjì la nílò nìyẹn. Arọra-yọ́ àti eléèpo.

Alàgbà Akínadé: Eléèpo kẹ̀! Ẹ yọ àmì ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ wò ó, elepo, oògùn tí wọ́n fi epo pupa sè. Ẹ pè é ní oògùn aláwọ̀tẹ́lẹ̀, ó tiẹ̀ dùn létí. Èyí àkọ́kọ́ sì ni oògùn ayọ́kẹ́lẹ́, torí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń yọ́ wọnú ara.

Ìyá Tóbi: Bàbá, ayọ́kẹ́lẹ́ ti di mọ́tò tipẹ́. Àwọn èèyàn á ní oògùn tí wọ́n ń lò fún mọ́tò kó má baà dànù ni 😂 Awọ̀tẹ́lẹ̀ sì nìyẹn, inú ẹ̀wù ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, ẹ̀wù ti oògùn yìí sì wà níta.

Délé (Lọ́ńdọ̀nù): Èmi ò gba "arọra" náà. Màmá mi tó bá gbọ́ pé oògùn ń rọra ṣe, wọ́n á ní kò lágbára, wọ́n á lo méjì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe, ẹ fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú hóró sílẹ̀. Agbémì-lódidi ńkọ́?

Apòògùn Ṣadé: Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ kò bo gbogbo ẹ̀. Mẹ́tóprólólì tí mo sọ ṣe é dá sí méjì. Omẹprásólì onípọ̀nhọn náà, ìwé inú páálí àwọn kan gbà kẹ́ ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ da hóró kéékèèké inú ẹ̀ sórí yógọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ gbé e mì láìrún un. Ọ̀tọ̀ ni ká ṣí pọ̀nhọn, ọ̀tọ̀ ni ká lọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Mi ò rí orúkọ kan tó máa gbé gbogbo ẹ̀.

Bísí (nọ́ọ̀sì): Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti yọ gbogbo "má" kúrò. Ohun tí mo kọ nìyí: "Odidi ni kí ẹ gbé e mì. Tí kò bá ṣe é gbé mì, ẹ pè wá kí ẹ tó fún un." Mo tún kọ ọ́ láìfi àmì sí i, mo fi han ìyá kan tó ń dúró de ọkọ ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ó kà á tààrà. Ó wá béèrè pé "Odidi, ṣé gbogbo páálí ni?"

Lékan: Háà. Ẹ kọ "hóró kan lódidi".

Alàgbà Akínadé: Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ "mì" yẹn náà, ìgò oògùn ikọ́ la máa ń mì.

Bísí (nọ́ọ̀sì): Bàbá, kò sí nǹkan tí wọ́n máa mì nínú hóró. Mo ti fi "hóró kan" sí i, ọ̀la ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé. Orúkọ lẹ ṣì jẹ mí.