Wọ́n dá àbá ìwé mi padà: níbo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ Aláró: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn aláró Abẹ́òkúta ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, pàápàá aáwọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 nígbà tí wọ́n ń fi kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó rẹ àdìrẹ. Orí méje ni iṣẹ́ náà ní, méjì péré ló sì jẹ́ ìtàn gan-an. Ilé ìtẹ̀wé kan béèrè fún àbá, àlàyé orí kọ̀ọ̀kan àti àwọn tí ìwé náà wà fún. Mo da àkótán iṣẹ́ náà kọ, mo sì ní ó wà fún gbogbo ẹni tó fẹ́ràn àṣà Yorùbá. Wọ́n dá a padà.

Bọ̀dá Kọ́lá: Ẹ yọ orí àgbéyẹ̀wò ìwé, orí tíọ́rì àti orí ọgbọ́n ìwádìí kúrò, kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Olóòtú: Òtítọ́ ni pé kí wọ́n yọ wọ́n, ṣùgbọ́n orí ìtàn méjì kò lè di ìwé. Mo fura pé orí ìtàn yín ti kún jù: ẹ pín in sí bí aláró ṣe ń gba aṣọ funfun láwìn, bí sódà ṣe wọlé, àti ìgbìmọ̀ tó ṣe ìwádìí aáwọ̀ náà lọ́dún 1936. Kí tíọ́rì wọ inú ìtàn níbi tí a ti nílò rẹ̀, ní gbólóhùn kan tàbí méjì.

Nínú àlàyé orí, ẹ má kọ "orí yìí yẹ sódà wò". Bí ẹ̀rí yín bá gbè é, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Orí yìí fi hàn pé gbèsè aṣọ ló ti àwọn aláró sídìí sódà, kì í ṣe ọ̀lẹ, àti pé àwọn ìwé ẹ̀hónú wọn ni ẹ̀rí." Ẹni tó bá kà á ti mọ ohun tí ẹ ń jà fún.

Ní ti òǹkàwé, "gbogbo ènìyàn" kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ẹ dárúkọ kọ́ọ̀sì tí wọ́n lè ti lò ó, bí ìtàn àwọn obìnrin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti àwọn tó ń tọ́jú aṣọ ní mùsíọ́mù. Judith Byfield ti kọ ìwé lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta yìí kan náà lọ́dún 2002. Bí ẹ kò bá sọ ohun tí tiyín fi kún un, olóòtú ni yóò bi yín.

Àńtí Ṣadé: Èmi tẹ tèmi fúnra mi n'Íbàdàn, ẹ̀dà 500. Èló ni wọ́n ń gbà báyìí?

Ìyá Olóòtú: Àńtí, kò tíì kan ọ̀rọ̀ owó ìtẹ̀wé o.

Ọmọ Aláró: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìwé Byfield wà nínú orí àgbéyẹ̀wò ìwé tí mo fẹ́ yọ; n ó gbé e wá síwájú. Yunifásítì ti gbé àpilẹ̀kọ mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣé kò ní pa mí lára?

Bọ̀dá Kọ́lá: Kò séwu.

Ìyá Olóòtú: Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan kì í bìkítà, àwọn mìíràn máa ń kọ̀. Ẹ bi olóòtú náà kí ẹ tó tún un fi ránṣẹ́.