Àtẹ̀jáde fún jẹ́sì tuntun àti onígbọ̀wọ́ tuntun: irú àkọlé wo ni kí n lò?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan ni mí. A ti rí onígbọ̀wọ́ tuntun, jẹ́sì tuntun náà ti délẹ̀, wọ́n sì ní kí n kọ àtẹ̀jáde tí a máa fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn. Alága fẹ́ kí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Ìgbà Ọ̀tun Dé!" Ó tún fẹ́ kí òun, akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Irú àkọlé wo àti irú ọ̀rọ̀ wo lẹ rò pé ó yẹ kí n lò? Ẹ jẹ́ ká pe ẹgbẹ́ wa ní Lágbájá, ká pe ilé-iṣẹ́ náà ní Tàmẹ̀dò.

Gólì_Ìparí
Iye owó ni kẹ́ ẹ kọ sí àkọlé. Owó ni gbogbo ayé ń fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e jáde títí di ọjọ́ báyìí, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ìyá_Agbábọ́ọ̀lù
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra jẹ́sì, ẹ sá fún àwọ̀ eérú o! Lọ́dún 1996, Manchester United wọ aláwọ̀ eérú lọ bá Southampton. Wọ́n jẹ gólì mẹ́ta kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, ni wọ́n bá bọ́ ọ, wọ́n wọ òmíràn. Ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé àwọn ò rí ara àwọn láàárín èrò. Wọ́n ṣáà pàdánù 3-1. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ tèmi, dúdú ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sí ara jẹ́sì búlúù tó ki, rẹfirí ò sì mọ ẹni tí ì bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Olóòtú_Àná
Ìyá, ẹ ṣeun, àmọ́ jẹ́sì tiwọn ti délẹ̀ ná. Àtẹ̀jáde ni wọ́n ń béèrè.

Iṣẹ́ olóòtú eré ìdárayá ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ka irú nǹkan báyìí. Àkọlé ni a kọ́kọ́ ń rí nínú ímeèlì, láàárín àìmọye àtẹ̀jáde mìíràn. "Ìgbà Ọ̀tun Dé!" kò sọ ẹni tó ṣe nǹkan, kò sọ ohun tó ṣe. Ó lè jẹ́ ti ilé ìjọsìn, ó lè jẹ́ ti olóṣèlú. Olóòtú tí ọwọ́ rẹ̀ dí kò ní ṣí i wò.

Ibi tó ti wá ṣòro ni pé ìròyìn méjì lẹ ní, àkọlé kan ṣoṣo sì ni. Ẹ gbọ́dọ̀ yan èyí tó máa ṣíwájú. Onígbọ̀wọ́ ni mo máa yàn, torí ẹgbẹ́ púpọ̀ ló ń pààrọ̀ jẹ́sì ní sáà dé sáà, àmọ́ onígbọ̀wọ́ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Jẹ́sì á wá tẹ̀ lé e nínú àkọlé kan náà:

> Tàmẹ̀dò di onígbọ̀wọ́ Lágbájá fún ọdún mẹ́ta, jẹ́sì tuntun jáde

Orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí àmì ìyanu kankan. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ló máa gbé ìyókù:

> Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Lágbájá ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọlọ́dún mẹ́ta pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Tàmẹ̀dò. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà yóò wà ní àyà jẹ́sì ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ti obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀. Jẹ́sì tuntun náà, aláwọ̀ ewé tó ní ilà funfun léjìká, yóò wà lórí àtẹ láti ọjọ́ Sátidé.

Mo kàn fi nǹkan dípò nǹkan ni o, ẹ fi òótọ́ tiyín sí i. Bí akọ̀ròyìn bá gé gbogbo ìyókù dànù, ìpínrọ̀ yẹn nìkan ti tó láti di ìròyìn. Ẹ rí i pé mo sọ àwọ̀ jẹ́sì. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn ẹgbẹ́ ṣe ń kéde jẹ́sì láìsọ bó ṣe rí, wọ́n á ní ó "fakọ yọ" ṣáá.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta tí alága ní kí n fi sí i wá ńkọ́? Wọ́n ti kọ tiwọn wá, wọ́n ní "inú wa dùn láti dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ìran kan náà pẹ̀lú wa".

Olóòtú_Àná
Gbólóhùn yẹn la máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́. Ta ni inú rẹ̀ kì í dùn tó bá rí onígbọ̀wọ́? Ohun tí àtẹ̀jáde fúnra rẹ̀ kò lè sọ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: ìdí tí ẹ fi yan ẹni yìí, ohun tí owó náà máa ṣe, tàbí bó ṣe rí lára ẹni tó máa wọ jẹ́sì. Gbólóhùn méjì ti pọ̀ tó. Bó bá jẹ́ òótọ́ ní ẹgbẹ́ yín, wo irú èyí:

> "Ní sáà tó kọjá, jẹ́sì tí àwọn ọkùnrin ti wọ̀ gbó ni àwọn obìnrin wa ń wọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, tiwọn ni a kọ́kọ́ rán." Alága ẹgbẹ́ Lágbájá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀ròyìn ò ní gé ìyẹn, torí kò lè fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ ní kíkún pẹ̀lú ipò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ bá a kọ ọ́, ẹ kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i, torí rédíò lè pè é lálẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n ní kó tún un sọ. Mo ti gbọ́ alága tó ń bá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jiyàn lórí afẹ́fẹ́.

Gólì_Ìparí
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa owó.

Olóòtú_Àná
O ò jìnnà sí òótọ́, owó máa ń fa ojú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní kí iye rẹ̀ má jáde bí tọ̀tún-tòsì ò bá fọwọ́ sí i. Bí wọn ò bá gbà, ẹ má kọ "owó gọbọi" sí i, torí "èló?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa tẹ̀ lé e. Ẹ sọ ohun tí owó náà máa ṣe.

Ní ti "ẹ má gbé e jáde ṣáájú", àdéhùn ni, kì í ṣe òfin. Ẹni tí kò bá ọ gbà á tẹ́lẹ̀ kò jẹ ọ́ ní nǹkan kan. Àwọn akọ̀ròyìn tí ẹ bá mọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kí wọ́n gbà, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí, ẹ má kọ "ní àárọ̀". Fún ẹgbẹ́ kékeré, ohun tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà tí ẹ̀yin náà bá gbé e sójú ewé yín.

Amòfin_Pápá
Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, àdéhùn onígbọ̀wọ́ àtijọ́ ti parí àbí kò tíì parí? Ọjọ́ tí ẹ kéde àti ọjọ́ tí orúkọ tuntun máa hàn lára jẹ́sì lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Ọdún 2012 ni Manchester United kéde Chevrolet, àmọ́ Aon ló wà ní àyà wọn títí di ìparí sáà 2013-14. Bí àtẹ̀jáde yín ò bá sọ "láti ìgbà báyìí", onígbọ̀wọ́ àtijọ́ lè bínú, kó sì jàre.

Èkejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ líìgì yín bóyá wọ́n gba irú onígbọ̀wọ́ yẹn, àti bí orúkọ náà ṣe lè tóbi tó. Ẹ rántí Kettering Town ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1976: wọ́n kọ "Kettering Tyres" sí jẹ́sì, àjọ FA ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ di "Kettering T", wọ́n ní "Town" ni T náà dúró fún! Wọ́n padà yọ ọ́. Lóde òní náà, àwọn ẹgbẹ́ Premier League fẹnu kò lọ́dún 2023 pé àwọn máa yọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kúrò níwájú jẹ́sì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, bí sáà 2025-26 bá parí. Ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ni Tàmẹ̀dò bí?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́
Rárá o, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tà. Ti àtijọ́ parí ní ìparí oṣù yìí.

Amòfin_Pápá
Ẹ jẹ́ kó parí ná.

Ayàwòrán_Ẹ̀gbẹ́_Ìlà
Fọ́tò o! Ẹ má lẹ̀ wọ́n mọ́ inú fáìlì PDF, akọ̀ròyìn ò lè rí wọn lò dáadáa. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìkan ní ìdúró, ìkan ní ìbú, kí àyà jẹ́sì hàn kedere láìsí apá tó bò ó. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀yìn wọn: mo ti rí fọ́tò tí pátákó onígbọ̀wọ́ àtijọ́ gbalẹ̀ sí lẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù tó wọ orúkọ tuntun.

Ìyá_Agbábọ́ọ̀lù
Ó ti wá yé mi. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ jẹ́sì àwọn obìnrin lẹ fẹ́ sọ, kí ló dé tí alága fi ń bá wọn sọ ọ́? Balógun wọn ò lẹ́nu ni?

Olóòtú_Àná
Ọ̀rọ̀ rèé! Ìyá ló gbà á. Ẹ bi balógun náà léèrè, kẹ́ ẹ kọ ohun tó bá sọ gan-an.

Gólì_Ìparí
Èmi ò tíì gbà ti àkọlé yẹn ṣá. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ò bìkítà fún oníkọ̀ǹpútà. Jẹ́sì ni wọ́n fẹ́ rí.

Olóòtú_Àná
Lójú ewé ẹgbẹ́, bóyá. Kí wọ́n fi jẹ́sì ṣíwájú níbẹ̀. Sí àwọn oníròyìn, mo dúró lórí tèmi.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́
Balógun náà ti sọ̀rọ̀, ó ní: "Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa wọ jẹ́sì tí kò gùn kọjá orúnkún mi." Alága rẹ́rìn-ín, ó gbà á, ó ní kí n yọ tòun. Àmọ́ Tàmẹ̀dò ti dá iṣẹ́ padà. Wọ́n ní kí n yọ "onígbọ̀wọ́", kí n kọ "alájọṣepọ̀ àgbà". Ọ̀gá wọn ṣì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tòun wà níbẹ̀.

Amòfin_Pápá
Ẹ wo ohun tí ìwé àdéhùn pè wọ́n. Bó bá jẹ́ "alájọṣepọ̀ àgbà" ló wà níbẹ̀, ẹ ò lè yí i padà.

Olóòtú_Àná
Bó bá wà nínú ìwé, ẹ kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ kejì. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí àkọlé ṣì jẹ́ "onígbọ̀wọ́", torí ohun tí akọ̀ròyìn máa kọ náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn, ẹ fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀, lókè nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́
Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn bẹ́ẹ̀. Wọn ò tíì fèsì.