Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mítà wa: wọ́n ti yọ yúnìtì tí a ò jẹ kúrò

Ìbéèrè mi: “Ẹ̀yin èèyàn mi, mítà ilé wa ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́, ń sáré. Yúnìtì 640 ni wọ́n kọ fún wa lóṣù kan. Kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà?”

Iléeṣẹ́ iná ti gbọ́ wa o. Bàbá oníṣẹ́ iná tó dá mi lóhùn ló là á. Ó ní ká pa mẹ́níswíìṣì mọ́jú, ká ya fọ́tò ojú mítà ní alẹ́ àti ní àárọ̀. Iná pupa rẹ̀ kò yé ṣẹ́jú, ó sì fi yúnìtì méje kún un. Ẹnìkan ní ẹ̀rí ti pé nìyẹn, àmọ́ bàbá ní ó lè jẹ́ pé aládùúgbò fa wáyà láàárín mítà àti swíìṣì. A tọ wáyà náà títí, kò sẹ́ni tó fà á.

Mo wá kọ nọ́ńbà àkáǹtì sínú lẹ́tà, mo so fọ́tò méjèèjì mọ́ ọn, àti àwọn bíìlì àtijọ́ tó máa ń tó yúnìtì 120 lóṣù. Mo ní kí wọ́n yẹ mítà wò, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ti àtijọ́ tún owó náà ṣírò. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Mo san iye bíìlì tó kẹ́yìn tí a kò jà lé lórí, mo tọ́jú rìsíìtì.

Mítà tuntun ń ka yúnìtì mẹ́rin lójúmọ́, wọ́n sì ti yọ 520 kúrò. Yúnìtì 210 ti oṣù tó ṣáájú ni wọn ò tíì gbà láti yọ. Mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàmójútó iná mànàmáná ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Màmá tó béèrè pé káàdì iná òun kò wọlé sínú mítà, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà tiyín yàtọ̀: nọ́ńbà tókìnnì àti rìsíìtì ni kí ẹ so mọ́ ọn.