Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àpèjúwe gbé nǹkan sínú fọ́tò, báwo ló ṣe ń bọ́ síbi tí ẹ fẹ́?

Àbẹ̀ní_Fọ́tò: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò tábìlì onípákó kan ló wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ kí ife pupa kan dúró sí ìkángun rẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ibẹ̀ nínú Stable Diffusion, mo yan "Only masked", mo wá kọ ọ́ pé:

```
put a red cup on the right side of the table, no spoon
```

Tábìlì kékeré ló jáde lórí tábìlì ńlá, ife wà lórí rẹ̀, síbí náà wà níbẹ̀. Ta ló ti rí irú èyí rí?

Ọmọ_Alákùn: Yọ "put", yọ "right side".

Bàbá_Búrọ́ọ̀ṣì: Òun gan-an nìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mọ́dẹ̀lì yẹn kì í gba àṣẹ. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ, nítorí náà ohun tí ojú máa rí nígbà tí iṣẹ́ bá parí ni kó o kọ. Ibi tí ife máa wà, búrọ́ọ̀ṣì rẹ ti sọ ìyẹn.

Tó o bá wá yan "Only masked", ibi tó o kùn àti etí rẹ̀ díẹ̀ nìkan ló ń rí. Á fẹ̀ ẹ́ títí á fi tóbi bí odindi àwòrán, á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, á sì dá a padà. O sọ fún un pé tábìlì wà, ó sì wá àyè fún tábìlì nínú ìwọ̀nba ibi tó rí. Gbìyànjú èyí:

```
a red ceramic mug standing on a wooden surface, soft light from the left, shadow on the right
```

Mo fi "surface" rọ́pò "table" kó má baà tún ya ẹsẹ̀ tábìlì. Wo ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò tìrẹ kó o tó kọ apá tó ti wá. Ní ti síbí, bó o bá ti dárúkọ rẹ̀ nínú àpèjúwe, o ti pè é nìyẹn. Àpótí "Negative prompt" ni kó o kọ `spoon` sí, láìfi "no" ṣáájú.

Fúnmi_A: Ẹ jọ̀ọ́, ti èmi ni pé mo fẹ́ yọ ife kúrò. Mo kọ "remove the cup", ife mìíràn ló gbé wá.

Ọmọ_Alákùn: Ìdí kan náà ni, mà. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ife ni kí ẹ kọ: `bare wooden surface`. Kí ẹ sì kun òjìji ife náà mọ́ ọn. Bí òjìji bá ṣẹ́ kù, mọ́dẹ̀lì á tún wá nǹkan tó ni ín.

Dépò_D: Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Ẹ gbé "Denoising strength" tó ń sọ bí ibi tí a kùn ṣe máa yí padà tó sí 1, ó parí.

Bàbá_Búrọ́ọ̀ṣì: Òótọ́ wà níbẹ̀, Dépò, àmọ́ kò pé. Bí "Masked content" bá wà lórí "original", tí iye yẹn sì jẹ́ 0.4, pákó lásán ló máa pa láró pupa. Ó sábà máa ń nílò bí 0.85 sókè kí ife tó lè jáde. Ṣùgbọ́n ní 1, mọ́dẹ̀lì tí wọn kò kọ́ fún iṣẹ́ inpainting, ìyẹn títún ibi tí a kùn yà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ohun tó wà ní àyíká sí, ìlà pákó lè já létí ibi tó o kùn. Jẹ́ kí ife kọ́kọ́ jáde, kó o wá tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú 0.4 kó lè wọ ara wọn.

Kẹ́mi_Àwọ̀: Ẹ fi "masterpiece, 8k" sí i, ó máa ń dára.

Ọmọ_Alákùn: Fún kí ni? Ìyẹn kò sọ nǹkan kan nípa ife. Ó lè jẹ́ kí ife máa dán ju fọ́tò tó kù lọ.

Kẹ́mi_Àwọ̀: Lórí mọ́dẹ̀lì tí mò ń lò, ìyàtọ̀ hàn kedere.

Àbẹ̀ní_Fọ́tò: Ife ti jáde o, Bàbá, ẹ ṣeun! Àmọ́ ó dà bí ẹni pé ó ń léfòó.

Bàbá_Búrọ́ọ̀ṣì: Ìdí ife gan-an lo parí búrọ́ọ̀ṣì sí. Òjìji tó o kọ kò ráyè. Kùn ún kọjá ìdí ife, kó fẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, kó o sì gbé "Only masked padding" láti 32 lọ sí bí 100 kó lè rí pákó àti ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ sí i.

Dépò_D: Tí mo bá fẹ́ kí ọwọ́ ife kọjú sí òsì ńkọ́? `handle on the left` ni mò ń kọ.

Ọmọ_Alákùn: Ó ń gbọ́ nígbà mìíràn, ó ń kọ̀ nígbà mìíràn. Òsì àti ọ̀tún máa ń dàrú mọ́ ọn lójú. Lo "Inpaint sketch", fi àwọ̀ pupa ya ife àti ọwọ́ rẹ̀ wúruwùru síbi tó o fẹ́, kó o fi "Denoising strength" sí 0.6 tàbí 0.7.

Dépò_D: Mi ò gbà. Tí mo bá yí seed, nọ́ńbà tí àwòrán ti ń bẹ̀rẹ̀, padà, ó ń gbọ́.

Bàbá_Búrọ́ọ̀ṣì: Tó o bá yí seed padà, ó lè bọ́ sí òsì láìjẹ́ pé ó gbọ́. Yọ gbólóhùn yẹn kúrò, fi seed kan náà ṣe é, kó o fi àwọn méjèèjì hàn wá.