Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ìfun ọmọ mi lu: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí lórí táífọ́ọ̀dì

Ìyá Múbàrákì, Òkè-Odò, Ìlọrin

Àsàláámù àlékùm, ẹ̀yin ará mi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ló ní orí ń fọ́ òun, lẹ́yìn ìyẹn ara rẹ̀ gbóná. Ìgbà òjò ni, ẹ̀fọn pọ̀, gbogbo wa rò pé ibà lásán ni. Mo ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, ó lò ó tán, kò lọ. Láàárọ̀ ara rẹ̀ á tutù díẹ̀, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ á tún gbóná janjan. Ohun tó ṣì mí lọ́nà ni pé kò yàgbẹ́ gbuuru rárá. Ṣe ni ìgbẹ́ há a fún ọjọ́ mẹ́rin, inú rẹ̀ wú, ó ń dùn ún nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Èmi ti gbọ́ pé tí kò bá sí ìgbẹ́ gbuuru, kì í ṣe táífọ́ọ̀dì.

Lọ́jọ́ keje mo mú un lọ sí lábù kékeré kan ní àdúgbò. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi kó pépà lé mi lọ́wọ́: O 1:80, H 1:160. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dì ti wọ ẹ̀jẹ̀. Kẹ́mísì fún wa ní sípírò. Ọjọ́ kẹta pé, ibà kò lọ, mo pa á tì, mo gba èyí tí aládùúgbò júwe. Ọjọ́ kẹta tún pé, mo pe nọ́ọ̀sì kan wá sílé kó wá gún un lábẹ́rẹ́. Oògùn mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò lo ọ̀kan tán nínú wọn.

Lóru ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ká orúnkún méjèèjì mọ́ àyà, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ̀, ó le bíi pákó. Ara rẹ̀ sì tutù! Mo ní "Alhamudulilái, ibà ti lọ." Òógùn tútù ló ń bò ó, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ìyá ọkọ mi ló jágbe mọ́ mi pé, "Ìwọ obìnrin yìí, gbé ọmọ yìí lọ sọ́sibítù!"

Wọ́n gbé e dúró ya ẹ́síréè. Dókítà fi hàn mí: ìlà dúdú kan tó tẹ̀ bíi oṣù tuntun, lókè ẹ̀dọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ni, pé kò yẹ kó wà níbẹ̀, inú ìfun ló ti jáde. Wọ́n ki rọ́bà bọ imú rẹ̀, wọ́n fún un ní dírípù fún wákàtí bíi mélòó kan kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí wọ́n ní ara rẹ̀ ti gbẹ jù láti gbé abẹ. Ihò kan ni wọ́n bá, kò tóbi ju ìdérí bírò lọ, ní ìparí ìfun kékeré, níbi tó ti fẹ́ wọ ìfun ńlá. Wọ́n rán an, wọ́n fi omi fọ inú rẹ̀ títí omi fi mọ́. Ọjọ́ 19 la lò níbẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà yọ ọyún, ìyẹn sì ni wàhálà mìíràn.

A ti délé báyìí. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ni ẹ fún un jẹ?

Ọ̀gá Lábù, Tankẹ

Ìyá Múbàrákì, ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á mú un lára dá. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe àyẹ̀wò náà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wídàlì ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà Faransé kan tó gbé e jáde lọ́dún 1896. Kì í wá kòkòrò náà rárá. Ohun tí ara yín fi bá kòkòrò jà ló ń wá. A ó kán omi ẹ̀jẹ̀ sórí táìlì funfun, a ó kán oògùn aláró kan sí i, búlúù fún O, ìyẹn ara kòkòrò náà, pupa fún H, ìyẹn ìrù rẹ̀, a ó máa mì í fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá dì mọ́ra bíi wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, a ní ó wà. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ lórí tábìlì ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣe ló máa gbẹ, yóò sì dà bíi pé ó dì. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Lágbègbè wa níbí, ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko ní 1:80, ìyẹn ni pé omi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ń dì bí a tilẹ̀ là á ní ìlọ́po ọgọ́rin. Ó lè jẹ́ èyí tó ṣe é lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn ló rú u sókè. Pépà yẹn kò sọ pé ọmọ yín ní i, kò sì sọ pé kò ní i.

Alákàrà, Gànmọ́

Ẹ̀yin bọ̀dá lábù, ẹ dákun. Èmi náà ní táífọ́ọ̀dì, ó ti di ọdún kẹrin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, wọ́n á ní ó ṣì wà. Mo ti gba abẹ́rẹ́ tó ogún, mo ti mu àgbo títí. Ṣé èmi náà ìfun mi lè lu?

Ọ̀gá Lábù, Tankẹ

Màmá, ibà ń mú yín báyìí?

Alákàrà, Gànmọ́

Rárá o. Ó kàn máa ń rẹ̀ mí tí mo bá dìde láàárọ̀. Aago mẹ́rin ni mo ń dìde lọ ẹ̀wà.

Ọ̀gá Lábù, Tankẹ

Kì í ṣe táífọ́ọ̀dì ló ń rẹ̀ yín o, aago mẹ́rin ni. Ohun tí wọ́n ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ yín dà bí àpá ọgbẹ́ tó ti san, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń pa àpá. Ẹ má gba òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé oúnjẹ lẹ ń tà, àyẹ̀wò ìgbẹ́ ló yẹ yín. Àwọn kan wà tí ara wọn yá tán, tí kòkòrò náà sì fara pamọ́ sínú òróòro wọn, tó ń bá ìgbẹ́ jáde. Ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, wọn ó gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bàbá Ọ̀fà

Gbogbo yín, ẹ kò mọ ìṣòro. Nígbà tiwa, kápúsù kan báyìí tí wọ́n ń pè ní kilorafẹ́níkọ̀ ló ń wò ó, ẹ ó rí i pé kò sí àríyànjiyàn. Oògùn ayédèrú ló kún kẹ́mísì báyìí, ìdí nìyẹn tí nǹkan kò fi ṣiṣẹ́ mọ́.

Olùkọ́, Òmù-Àrán

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ayédèrú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Èmi fojú ara mi rí i. Ọdún tó kọjá, ọjọ́ karùn-ún ibà, dókítà kan kọ̀ láti fún mi lóògùn, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀jẹ̀. Sírínjì ńlá kan ló fà, ó tó mílílítà mẹ́wàá, mo fẹ́ bá a jà. Inú ìgò ọlọ́bẹ̀ kan ni wọ́n dà á sí, wọ́n gbé e sínú àpótí tó ń móoru. Ọjọ́ kẹta, kòkòrò náà hù. Wọ́n wá tò ó sórí pépà: sípírò R, koturimọ́sásọ̀ R, sẹfitiráásónì S, àsítíròmáísìn S. R túmọ̀ sí pé kòkòrò náà ń fi oògùn yẹn ṣeré, S ni pé oògùn náà ń ràn án. Sípírò yẹn gan-an ni mo ní lápò tẹ́lẹ̀, ojúlówó ni, láti ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ.

Ohun tó wá ṣòro fún mi ni sùúrù. Abẹ́rẹ́ sẹfitiráásónì gírámù méjì lójúmọ́, ọjọ́ kìíní, ìkejì, ìkẹta, ibà kò yẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n yí i padà. Dókítà ní rárá, pé oògùn tó bá a mu gan-an máa ń gba ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kí ibà tó rọlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún ló rọlẹ̀ fún mi. Mo lò ó pé ọjọ́ mẹ́wàá.

Ìyá Múbàrákì, Òkè-Odò, Ìlọrin

Háà. Ọjọ́ kẹta ni èmi ń yí i padà ní gbogbo ìgbà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi náà lọ́sibítù, kò hu nǹkan kan. Ṣé kì í ṣe táífọ́ọ̀dì wá ni?

Ọ̀gá Lábù, Tankẹ

Ìyẹn kò tó láti fi sọ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò náà kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nínú mílílítà kan ẹ lè má rí ju ẹyọ kan lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń fa púpọ̀. Oògùn mẹ́ta sì ti wọlé kí wọ́n tó gbà á. Kódà láìsí oògùn, díẹ̀ ló fi ju ìdajì lọ tó ń hù. Ibi tí ihò náà wà àti ọjọ́ tó bọ́ sí ni ẹ ó tẹ̀ lé, ọ̀sẹ̀ kẹta ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gé díẹ̀ nínú ẹran ìfun náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ẹ béèrè èsì rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin ará, ẹnìkan ti fẹ́ sọ pé ata ló lu ìfun, kí n tètè dá a lóhùn: ata kọ́. Kòkòrò ló jẹ ògiri ìfun láti inú. Àmọ́ ìfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán kò yẹ kí ẹ dẹ́rù pa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ògì tó rọ̀, ẹ fi mílíìkì tàbí ẹ̀wà tí ẹ lọ̀ kúnná sí i, ẹyin bíbọ̀, ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta tó kún lọ. Ẹ̀fọ́ tó ní okùn àti ẹran líle, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹ má ṣe fi omi ẹran nìkan tọ́ ọ, ìyẹn ló ń mú kí wọ́n gbẹ.

Kí ẹ máa wọn ara rẹ̀ pẹ̀lú tẹmomítà fún oṣù kan lẹ́yìn tí oògùn bá tán. Ó máa ń padà fún àwọn kan lọ́sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Irun rẹ̀ lè re, ẹ má dààmú, ó ń padà. Bí ó bá ń bì, tí ikùn wú, tí kò lè só, ẹ má dúró.

Bàbá Ọ̀fà

Omi kíkan ògì àti ewé ọ̀pẹ òyìnbó ńkọ́? Òun la fi ń tọ́jú àwọn ọmọ wa.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Iṣẹ́ Abẹ

Bàbá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí tábìlì ni. Ẹ jẹ́ kó simi.

Ìyá Múbàrákì, Òkè-Odò, Ìlọrin

Ẹ ṣeun. Wàrà díndín ló ń béèrè lọ́wọ́ mi láti àná, mo fún un ní ògì. Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Àwa márùn-ún la ń mu omi kànga yẹn, sàlángá aládùúgbò kò jìnnà sí i, òun nìkan ló mú. Ìgbà mìíràn ó máa ń jẹun lóde níwájú ilé-ẹ̀kọ́. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú nínú méjèèjì. Mo ti ń se omi mímu, ó sì ń gba gáàsì púpọ̀, bàbá àwọn ọmọ ń ráhùn.