Fífẹ́lẹ́ òsóònù àti ìmóoru ayé: ṣé orúkọ kan tó fún méjèèjì?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Ọmọ kan kọ ọ́ nínú ìdánwò pé "ihò òsóònù ló ń jẹ́ kí oòrùn wọlé jù, òun ló ń mú ayé gbóná", wọn ò fún un ní máàkì kankan. Ìwé tí wọ́n ń lò pe méjèèjì ní "ìbàjẹ́ òfurufú". Ṣé orúkọ yẹn ló ṣi ọmọ lọ́nà?

Olùkọ́ físíìsì: Òun náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní yú-fíì, èyí tó ń jó awọ ara tó sì ń fa jẹjẹrẹ awọ, ni gáàsì òsóònù ń dá dúró lókè lọ́hùn-ún, bíi kìlómítà 15 sí 35. Ṣùgbọ́n ìpín kékeré ni yú-fíì nínú agbára oòrùn, èyí tó ráyè wọlé sí i ò tó ohun tó máa mú gbogbo ayé gbóná báyìí. Ìmóoru ayé yàtọ̀, ilẹ̀ ló gba ooru oòrùn tó wá ń tú u padà sókè, gáàsì CO2 inú afẹ́fẹ́ á gbá a mú kó tó jáde, á dá díẹ̀ padà sílẹ̀ fún wa. Èmi fara mọ́ "fífẹ́lẹ́ òsóònù" àti "ìmóoru ayé", ká má da wọ́n pọ̀ mọ́.

Atúmọ̀ èdè: Ẹ má bínú o, gáàsì inú fíríìjì àtijọ́ ń ṣe méjèèjì, ó ń jẹ òsóònù, ó tún ń mú ooru, ọ̀kan náà ni wọ́n nìyẹn!

Olùkọ́ físíìsì: Òótọ́ ni pé ó ń ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn Montreal ti 1987, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi gbà láti dín gáàsì tó ń jẹ òsóònù kù. Kílórínì inú gáàsì yẹn ló ń jẹ òsóònù, ẹyọ átọ́ọ̀mù rẹ̀ kan lè ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún jẹ́, torí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì tí ò ní kílórínì rọ́pò rẹ̀. Òsóònù bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, àmọ́ àwọn gáàsì tuntun yẹn ṣì ń mú ooru gan-an ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún jókòó ní Kigali ní 2016 láti dín àwọn náà kù. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, ìrọ́pò yẹn ì bá ti yanjú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá ọmọ kan: Oòrùn ibi tí mò ń gbé máa ń mú kọjá àlà, ṣé ihò náà wà lókè orí wa ni?

Olùkọ́ físíìsì: Rárá mà. Antátíkà, ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ló wà, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló máa ń tóbi jù lọ́dọọdún. Oòrùn tó ń mú yín yẹn, ọ̀tọ̀ ni. Kódà kì í ṣe ihò gidi, òsóònù ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an ni, ìdí nìyẹn tí "ihò" ò fi wù mí.

Atúmọ̀ èdè: Ti gáàsì yẹn yé mi wàyí. Àmọ́ "ihò" ò ní kúrò o, òun ló wà nínú ìbéèrè ìdánwò, ọmọ tó bá kọ "fífẹ́lẹ́" nìkan, ṣé ẹni tó ń máàkì á mọ ohun tó ń sọ?

Olùbéèrè: Máa ní kí wọ́n kọ "ihò" àti "fífẹ́lẹ́" pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdáhùn ni wọ́n á ti dárúkọ gáàsì tó fà á, ìtànṣán tó kàn, àti ibi tó ti ń dunni.