Ta ló pe abẹ́rẹ́ sikáànù eegun ní májèlé?

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, wọ́n ní kí màmá mi lọ ṣe sikáànù eegun n'Íbàdàn. Ẹnì kan níbí túmọ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún síni lára sí "májèlé atànṣán", màmá rí i lórí fóònù mi, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, pé tí àwọn bá tiẹ̀ lọ, àwọn ìbejì ò gbọdọ̀ sún mọ́ àwọn mọ́. Kí ló yẹ ká máa pè é, kí la sì máa ṣe tí wọ́n bá délé?

Bàbá Olùkọ́, Oǹdó:
Ẹ wò ó, ẹni tó kọ májèlé yẹn, ẹ jẹ́ kó wá gbèjà ara ẹ̀. "Atànṣán" gan-an ò tọ́, ṣé oòrùn ò tànṣán ni? Iṣẹ́ tí nǹkan yìí ń ṣe ni ká fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń tọ ipa ibi tí eegun ti ń tún ara ẹ̀ mọ, "atọpa" ni. Àwọn bàbá wa kì í fi ohun tó ń bani lẹ́rù sọ oògùn lórúkọ níwájú aláìsàn.

Délé, Ìjàpọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá, mo gba atọpa, torí mo ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ìyá Ìbejì, tẹkinísíọ̀mù 99m, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán jáde, ni wọ́n so mọ́ oògùn tó máa ń lẹ̀ mọ́ eegun. Tí wọ́n bá gún màmá tán, wọ́n á ní kí wọ́n máa mu omi kí wọ́n sì máa tọ̀ dáadáa, lẹ́yìn bíi wákàtí 3 ni wọ́n tó máa sùn sábẹ́ kámẹ́rà. Láàárín wákàtí 6 agbára ẹ̀ ti dín sí ìdajì. Tí wọ́n bá gún wọn ní aago 9 àárọ̀, tó bá di aago 9 alẹ́ ó ti ku ìdámẹ́rin, láì tíì ka èyí tó bá ìtọ̀ lọ. Nítorí náà alẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan ni kí wọ́n má gbé àwọn ìbejì pọ̀n tàbí bá wọn sùn, tí wọ́n bá ń bọ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n má jókòó ti aboyún. Kí wọ́n fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n bá tọ̀, kí wọ́n fọwọ́ dáadáa. Ilẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n gbé ọmọ wọn.

Ìtọ̀ yẹn ni kí wọ́n ṣọ́ra fún jù. Mo ti rí obìnrin kan tí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ẹ̀ ń tàn yòò lójú kámẹ́rà, ojú gbogbo wa ti ń pọ́n, a ní kó bọ́ ìró, kó fomi nu ara, a tún un yà, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ìtọ̀ ló ta sí ìró. Orúnkún tí làkúrègbé ń dà láàmú náà máa ń tàn, kí wọ́n má rí ibi tó tàn kí wọ́n sọ pé jẹjẹrẹ ti débẹ̀.

Fẹ́mi Alágbàká:
Ẹ̀gbọ́n ẹ ń tan obìnrin yìí jẹ. Aládùúgbò wa dá sùn fún ọjọ́ gbọọrọ, tòun ti àwo tiẹ̀ lọ́tọ̀!

Délé, Ìjàpọ̀:
Ṣé tairọ́ìdì tó wà lọ́rùn ni wọ́n ń tọ́jú fún un? Ayodíìnì 131 nìyẹn, ọjọ́ 8 ló fi ń dín sí ìdajì, èyí tí wọ́n fi ń wo àìsàn sàn sì pọ̀ gan-an ju ti àyẹ̀wò lọ. Òótọ́ lo sọ, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eegun.

Ìyá Alátẹ, Ọ̀dà:
Èmi ti ṣe ti ọrùn o, èyí tí wọ́n fi ń wo bí tairọ́ìdì ṣe ń fa ayodíìnì. Wọ́n ní kí n gbé kápúsù mì, wọ́n gbé ẹ̀rọ sí mi lọ́rùn, wọ́n tún gbé e sí mi nítan, mo ní ṣé ìtan ló ń wú ni?

Délé, Ìjàpọ̀:
Ìyẹn ni wọ́n fi ń yọ èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, màmá. Ẹ tún padà lọ́jọ́ kejì, àbí?

Ìyá Alátẹ, Ọ̀dà:
Mo padà o. Ti àkọ́kọ́ gan-an wọ́n lé mi sílé, torí mi ò dáwọ́ oògùn tairọ́ìdì mi dúró, wọ́n ní ọrùn mi ò ní fa nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún màmá kí wọ́n má fún ọmọ lọ́mú o!

Bàbá Olùkọ́, Oǹdó:
Fẹ́mi, nínú lẹ́tà tó o kọ lánàá, o kọ "sikáànù egúngún". Ṣé eégún ni wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò? Àmì ohùn yẹn ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Fẹ́mi Alágbàká:
Bàbá, fóònù mi ló fi àmì sí i. "Atọpa" tiyín náà, ajá ọdẹ ló jọ létí mi.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́:
Ẹ ṣé o. Màmá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ta ni wọ́n fẹ́ fún lọ́mú? Wọ́n ní àwọn á lọ, àmọ́ wọ́n ní kí n bi bùrọ̀dá Délé bóyá àwọn lè mu tíì láàárọ̀ kí wọ́n tó gún àwọn.

Délé, Ìjàpọ̀:
Kí wọ́n mu ún, kí wọ́n jẹun sí i. Ti eegun ò nílò ààwẹ̀.